Àkọsílẹ̀ Ìpàdé Kẹfà Lórí Iṣẹ́ Ilé Ìtajà Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Ọ̀nà Ìkìrun, Òṣogbo

Ìpàdé yìí wáyé ní ojú iṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025. Ayàwòrán-ilé ni ó ṣe alága. Àwọn tí wọ́n wà níjòókòó ni Ìyá Alága àti Akápò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ó ni ilé, Ẹnjinnía tí ó ṣe ìṣirò irin àti kọnkéré, Sọ̀fíyọ̀ tí ó ń ṣírò owó iṣẹ́, Agbaṣẹ́ṣe pẹ̀lú Fóòmáànù rẹ̀, àti Alábòójútó ojú iṣẹ́ tí ó kọ àkọsílẹ̀ yìí. Ẹnjinnía iná mànàmáná tọrọ gáfárà pé òun kò ní lè wá. Ìyá Alága gbàdúrà, ìpàdé sì bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀.

1. Àkọsílẹ̀ ìpàdé karùn-ún

A ka àkọsílẹ̀ náà, a sì fọwọ́ sí i láìsí àtúnṣe. Ohun méjì tí ó yẹ kí ó ti parí nínú rẹ̀ ni kò tíì parí: odi ààbò yí ihò sọ́kàwéè ká, àti ìwé ìdíyelé ilẹ̀kùn onírin. Méjèèjì wà lọ́rùn Agbaṣẹ́ṣe, a ó sì tún bá wọn pàdé nísàlẹ̀.

2. Ibi tí iṣẹ́ dé

Ìpìlẹ̀, ògiri ìsàlẹ̀ àti gbogbo òpó ìsàlẹ̀ ti dúró. Àwọn káfíńtà ti to pákó dẹ́kìn dé ìdajì, àwọn ayọ́nbẹ́ńdà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í di irin bíìmù. Gẹ́gẹ́ bí ètò tí Agbaṣẹ́ṣe fúnra rẹ̀ fi sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà, ó yẹ kí a ti da kọnkéré dẹ́kìn ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ.

3. Àwọn àṣẹ tí a pa

3.1 Òpó B2 àti C3. Alábòójútó ròyìn pé ní ọjọ́ 8 oṣù yìí, nígbà tí òun ń fi òòlù kan àwọn òpó wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ìró ìdí òpó B2 ṣófo. Nígbà tí wọ́n ha mọ́tà tí ó wà lójú rẹ̀ kúrò, wọ́n rí i pé kọnkéré ibẹ̀ lu ihò-ihò bí afárá oyin láti ilẹ̀ dé bíi mílímítà 400 sókè, àti pé irin hàn gbangba ní ẹ̀gbẹ́ méjì. Ti C3 kò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ, kò sì dé ara irin. Gbogbo ìjókòó dìde lọ wò ó kí ìjíròrò tó tẹ̀síwájú.

Fóòmáànù ṣàlàyé pé nígbà tí wọ́n tú pákó ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ, birikìlà kan ni ó fi mọ́tà lẹ̀ ẹ́, àti pé fáíbírétọ̀ bàjẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n da òpó wọ̀nyí, igi ni wọ́n fi ń gún un. Agbaṣẹ́ṣe rọ ìpàdé pé kí a wo èsì àdánwò kúbù kọnkéré lẹ́yìn ọjọ́ 28 tí a dà á, tí ó fún wa ní niutọ́nì 27 lórí sìkúwéà mílímítà kan níbi tí a ti ń retí 25. Ẹnjinnía dáhùn pé kúbù ń sọ bí a ṣe po kọnkéré, kò lè sọ bí a ṣe gún un sínú òpó, nítorí pé inú mọ́ọ̀dù tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni wọ́n ti gún kúbù náà dáadáa. Nítorí náà, èsì tí ó dára kò gba B2 là.

Àṣẹ: kí Agbaṣẹ́ṣe wó òpó B2 títí dé orí ìpìlẹ̀ láìba irin tí ó jáde láti ìsàlẹ̀ jẹ́, kí ó sì tún un dà pẹ̀lú kọnkéré kan náà, kí mílímítà 40 sì wà láàrin irin àti ojú òpó. Ti C3, kí ó gbẹ́ ibi tí ó ti bàjẹ́ dé ibi tí kọnkéré ti le, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó sì fi kọnkéré olókùúta wẹ́wẹ́ dí i lójú Ẹnjinnía. Wíwó gbọ́dọ̀ parí ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 15, dídà sì gbọ́dọ̀ parí ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 17. Agbaṣẹ́ṣe ni yóò gbé gbogbo ìnáwó rẹ̀, kò sì sí ọjọ́ kankan tí a ó fi kún iṣẹ́ nítorí rẹ̀. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi mọ́tà bo kọnkéré kankan kí Alábòójútó tó fojú rí i kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ojoojúmọ́. Alábòójútó fẹ́ kí ó wà ní àkọsílẹ̀ pé àbùkù tí a fihàn ṣeé tún ṣe, ṣùgbọ́n èyí tí a fi pamọ́ sídìí òpó tí yóò ru dẹ́kìn lè gba ẹ̀mí àwọn tí yóò máa tajà lábẹ́ rẹ̀.

3.2 Omi inú kọnkéré. Àwọn lébìrà ń da korobá omi sí kọnkéré nínú bàrò lẹ́yìn tí ó ti kúrò nínú míísà, kí ó lè rọrùn láti tẹ́. Ẹnjinnía pàṣẹ pé kí èyí dópin. Ẹni tí ó wà nídìí míísà nìkan ni yóò máa wọn omi. Bí kọnkéré bá ti gan, kí wọ́n kó o dànù.

3.3 Dídà dẹ́kìn. A fi í sí Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án, bí irin bá ti parí tí Ẹnjinnía sì ti yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ 24. Fáíbírétọ̀ méjì ni ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí ọ̀kan má baà dá iṣẹ́ dúró bí ó bá kọṣẹ́. Kí wọ́n máa bu omi sí dẹ́kìn fún ọjọ́ méje gbáko, kí wọ́n má sì yọ igi abẹ́ rẹ̀ láìsí ìwé Ẹnjinnía. Agbaṣẹ́ṣe ni ó ni ojúṣe gbogbo rẹ̀.

3.4 Ihò sọ́kàwéè. Ìyá Alága fi ìbànújẹ́ sọ pé òun rí àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n ń gba ẹ̀yìn ilé náà kọjá lẹ́bàá ihò yìí láàárọ̀. A pàṣẹ pé kí Agbaṣẹ́ṣe fi pákó yí i ká kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Bí kò bá ṣe é, Alábòójútó yóò gba káfíńtà ṣe é, Sọ̀fíyọ̀ yóò sì yọ owó náà kúrò nínú owó Agbaṣẹ́ṣe.

4. Àyípadà iṣẹ́

4.1 Ìpìlẹ̀ ẹ̀yìn ilé. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ lápá ẹ̀yìn tí ó sún mọ́ ipa omi, ilẹ̀ dúdú rírọ̀ ni wọ́n bá ní mítà 1.2 tí àwòrán sọ, Ẹnjinnía sì pàṣẹ ní ìwé ní oṣù Keje pé kí wọ́n lọ dé mítà 1.8. Sọ̀fíyọ̀ àti Agbaṣẹ́ṣe ti jọ wọ̀n ọ́n: mítà 26 ní gígùn, mítà 0.9 ní ìbú, mítà 0.6 ní jíjìn, èyí tí ó jẹ́ kúbíìkì mítà 14.04. Gbígbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ₦105,300, kọnkéré aláìnírin tí a fi dí i jẹ́ ₦1,825,200, fífa omi fún ọjọ́ mẹ́fà sì jẹ́ ₦150,000, àpapọ̀ rẹ̀ ₦2,080,500. Ìpàdé fọwọ́ sí i. Ẹgbẹ́ tí ó ni ilé ni yóò san án, nítorí pé iwájú ilé nìkan ni wọ́n ti yẹ ilẹ̀ wò kí a tó ṣe àwòrán, Agbaṣẹ́ṣe kò sì lè mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn.

4.2 Ògiri àárín ṣọ́ọ̀bù kẹrin àti ìkarùn-ún. Sìkúwéà mítà 18 ògiri onílọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́sàn-án ni wọ́n wó tí wọ́n sì tún mọ síbòmíràn láìsí ìwé kankan. Fóòmáànù ní ẹnu Ìyá Alága ni òun ti gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n wá kí àwọn òṣìṣẹ́. Ìyá Alága gbà pé lóòótọ́ ni àwọn sọ pé ṣọ́ọ̀bù kẹrin há, ṣùgbọ́n àwọn kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà yóò di òòlù. Ìjíròrò lórí èyí pẹ́. Ìpinnu tí a fẹnu kò lé lórí ni pé ẹgbẹ́ yóò san owó ògiri tuntun ní iye tí ó wà nínú ìwé àdéhùn, Agbaṣẹ́ṣe yóò sì gbé owó wíwó ti àtijọ́ nítorí pé ó yẹ kí ó béèrè ìwé. Kò sí ọjọ́ tí a fi kún un. Ayàwòrán-ilé yóò fi ìwé tì í lẹ́yìn títí Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 12. Láti ìsinsìnyí, ìwé àṣẹ Ayàwòrán-ilé nìkan ni ó lè yí iṣẹ́ padà. Ohunkóhun tí onílé bá fẹ́, òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún. Ìyá Alága gbà bẹ́ẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

4.3 Ọ̀nà àwọn aláàbọ̀ ara. Ẹgbẹ́ béèrè pé kí kẹ̀kẹ́ arọ lè wọ ilé náà. Ilẹ̀ ilé fi mílímítà 450 ga ju ìta lọ, nítorí náà, ní ìdàgẹ̀rẹ̀ ọ̀kan sí méjìlá, ọ̀nà náà yóò gùn tó mítà 5.4, yóò sì ní irin ìdìmú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ayàwòrán-ilé yóò mú àwòrán rẹ̀ wá ní ọjọ́ 16, Agbaṣẹ́ṣe yóò sì fi iye rẹ̀ sílẹ̀ fún Sọ̀fíyọ̀ ní ọjọ́ 19. Wọn kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí Akápò tó fọwọ́ sí iye náà.

5. Ìdádúró àti ẹni tí ó fà á

Agbaṣẹ́ṣe kọ̀wé béèrè fún ọjọ́ iṣẹ́ 24. A yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ìwé ojoojúmọ́ lọ́wọ́. Ọjọ́ Ajé sí Ẹtì ni àdéhùn kà sí ọjọ́ iṣẹ́.

Ọjọ́ mẹ́fà tí ìpìlẹ̀ ẹ̀yìn gbà jẹ́ ti onílé, a fún un ní mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Òjò dá iṣẹ́ dúró fún ọjọ́ méje, ṣùgbọ́n ètò Agbaṣẹ́ṣe ti fi ọjọ́ márùn-ún sílẹ̀ fún òjò tẹ́lẹ̀, nítorí náà ọjọ́ méjì ni a fún un, láìsí owó lórí rẹ̀.

Lórí àwòrán àtẹ̀gùn, ó béèrè fún ọjọ́ márùn-ún. Ó kọ̀wé béèrè àwòrán náà ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ, ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún ni àdéhùn sì fún Ẹnjinnía, ṣùgbọ́n ọjọ́ 18 ni ó tó dé. Ẹnjinnía gbà pé lọ́dọ̀ òun ni ó ti pẹ́. Síbẹ̀, títí di ọjọ́ 13 ni wọ́n ṣì ń da òpó, àìsí àwòrán kò sì tíì dí wọn lọ́wọ́ nígbà náà. Ọjọ́ 14, 15 àti 18 nìkan ni ayọ́nbẹ́ńdà jókòó lásán, ọjọ́ mẹ́ta sì ni a fún un.

Ọjọ́ mẹ́rin tí àwọn ayọ́nbẹ́ńdà fi iṣẹ́ sílẹ̀, láti ọjọ́ 26 sí 29 oṣù Kẹjọ, jẹ́ nítorí pé Agbaṣẹ́ṣe kò san owó wọn. Tirẹ̀ ni, a kò fún un ní ọjọ́ kan. Bákan náà ni ọjọ́ méjì tí ó ní ọkọ̀ yanrìn kò lè kọjá nítorí èrò ọdún Ọ̀ṣun-Òṣogbo. Ọdọọdún ni ọdún náà ń wáyé ní oṣù Kẹjọ, tọmọdé tàgbà ìlú yìí ni wọ́n sì mọ̀ pé ojú ọ̀nà yóò kún. Ó yẹ kí yanrìn ti wà nílẹ̀ ṣáájú.

Àpapọ̀ ọjọ́ tí a fi kún un jẹ́ 11. Ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí kúrò ní Ẹtì, ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 2026, ó di Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 26 oṣù kan náà. Agbaṣẹ́ṣe ní òun kò fara mọ́ ti òjò, ó sì ní òun yóò kọ̀wé. A kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ó mú ètò iṣẹ́ tuntun wá ní ọjọ́ 19, kí ó fi hàn nínú rẹ̀ bí yóò ṣe bo ọjọ́ tí ó jẹ́ tirẹ̀.

6. Owó

Sọ̀fíyọ̀ yóò yọ iye òpó B2 kúrò nínú ìwé owó kẹrin títí tí wọn yóò fi tún un dà. Akápò ṣèlérí pé owó yòókù yóò jáde láàrin ọjọ́ mẹ́rìnlá tí ìwé bá dé ọwọ́ òun. Ìwé ìdíyelé ilẹ̀kùn onírin gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ Sọ̀fíyọ̀ ní ọjọ́ 16.

7. Ìpàdé tí ó kàn

Yóò wáyé ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ní ojú iṣẹ́. A ó bẹ Ẹnjinnía iná kí ó má ṣàì wá, nítorí ipa wáyà inú ògiri. Akápò fi àdúrà parí ìpàdé ní aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tí ó bá ní àtúnṣe sí àkọsílẹ̀ yìí kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Alábòójútó láàrin ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta tí ó bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Alábòójútó ojú iṣẹ́ ni ó kọ ọ́. Ayàwòrán-ilé, alága ìpàdé, ni ó fọwọ́ sí i.