Iṣẹ́ Àmúṣe: Àǹfààní àti Ewu Àkọsílẹ̀ Aláìsàn Lórí Kọ̀ǹpútà ní Ilé Ìwòsàn Kékeré

Ilé ìwòsàn tí a fi ṣe àpẹẹrẹ wà ní Òkè-Ògùn. Ó ní ibùsùn 20, dókítà 2, nọ́ọ̀sì 9 àti akọ̀wé káàdì 1.

Àǹfààní tó tóbi jù ni ti òru. Bí akọ̀wé bá ti tilẹ̀kùn yàrá káàdì lọ sílé, nọ́ọ̀sì ṣì lè rí i pé ara aláboyún tó ń rọbí kò gba pẹnisílíìnì. Ìròyìn oṣooṣù náà kò ní gba kíka ìwé ńlá ní ojú-ewé kọ̀ọ̀kan mọ́. Ọ̀fẹ́ ni OpenMRS, ètò kọ̀ǹpútà tí a ó fi tọ́jú àkọsílẹ̀ náà. Orí iná, ẹ̀rọ àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lowó ń lọ.

Iná la ó kọ́kọ́ ṣírò. Kọ̀ǹpútà alágbèéká 4 (wáàtì 60 níkọ̀ọ̀kan), sáfà 40 àti ráútà 10 jẹ́ wáàtì 290. Fún wákàtí 8, ó di wáàtì-wákàtí 2,320. Bátìrì 12V, 200Ah kan ní 2,400, ṣùgbọ́n bátìrì olómi ò yẹ kó lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ. Méjì á fún wa ní 2,400. Ohun tí ínfátà ń jẹ yóò mú kó má tó. Mẹ́rin ni kí a rà.

Àṣìmú aláìsàn ló ń bà wá lẹ́rù jù, ju àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ. Táyé àti Kẹ́hìndé ní ọjọ́ ìbí, orúkọ bàbá, àdírẹ́sì àti fóònù ìyá kan náà. Ẹni tó bá rò pé àkọsílẹ̀ kan ló di méjì, tó sì pa wọ́n pọ̀, lè mú kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ tí kò bá ara mu sí ọmọ lára. Ẹni tí wọ́n kọ ní Sade lónìí lè di Shade lọ́la, káàdì tuntun á sì ṣí láìsí ìtàn àìsàn rẹ̀. Nọ́ńbà ilé ìwòsàn ni kí a fi máa wá ènìyàn, ká sì tún béèrè orúkọ ẹni náà àti ti ìyá rẹ̀. Ẹni méjì ni kó fọwọ́ sí pípa àkọsílẹ̀ pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí a fẹ́ fà gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò ìbáramu tuntun, ohun yòówù kí kọ̀ǹpútà sọ.

Lálaalẹ́, kí a ṣe ẹ̀dà:

```
mysqldump -u root -p --single-transaction openmrs > openmrs_aje.sql
```

Dírááfù méjì ni kó máa pààrọ̀ ara wọn, kí a fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí dì wọ́n, kí ọ̀kan sì máa wà níta ọgbà. Èyí tó bá wà lára sáfà nígbà gbogbo lè bá a kó àrùn kọ̀ǹpútà. Lóṣooṣù, kí a dá ẹ̀dà kan padà sórí ẹ̀rọ mìíràn. Ẹ̀dà tí a kò dán wò rí lè jẹ́ òfìfo.

Páásìwọ́ọ̀dù kan fún gbogbo nọ́ọ̀sì léwu, nítorí a kò ní mọ ẹni tó ṣí àkọsílẹ̀ ẹni tó ní HIV. Bí àṣírí bá tú, tó sì lè ṣe aláìsàn ní ibi, òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 ní kí a sọ fún àjọ tó ń bójú tó o láàárín wákàtí 72.

Kí a bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀ka aláboyún nìkan. Bébà àti kọ̀ǹpútà kò gbọ́dọ̀ jọ ṣiṣẹ́ ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ, torí ìwọ̀n oògùn tí dókítà yí padà sórí ọ̀kan kì í dé orí èkejì. Lẹ́yìn náà, fọ́ọ̀mù bébà tó ní nọ́ńbà ni a ó tọ́jú fún ọjọ́ tí iná bá kú, akọ̀wé á sì tẹ̀ ẹ́ wọlé kí wákàtí 24 tó pé.