Ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà Níbi Ayẹyẹ Ọdún Kan Ìyanuolúwa

Alága wa, ẹ ṣeun tí ẹ gbé gbohùngbohùn fún mi. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ káàsán o. Ẹ̀yin àna wa tí ẹ ti Iléṣà wá, tí ẹ gba Ifẹ̀, tí ẹ gba Ìbàdàn kí ẹ tó dé Abẹ́òkúta, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà Ìtòkú tí ẹ ti ìsọ̀ adìrẹ yín pa lọ́sàn-án Sátidé nítorí ọmọ ọdún kan, mo mọ ohun tí ọjà Sátidé ń mú wá, mo sì mọ ohun tí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ìjọ wa, ẹ̀yin aládùúgbò ní Ìbarà níbí, ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ jókòó sórí ẹní níwájú, tí ojú yín kò kúrò lára kéèkì, gbogbo yín pátá, ẹ káàbọ̀. Ẹsẹ̀ tí ẹ gbé wá, ẹsẹ̀ ire ni. Àwa náà yóò wá bá yín ṣe ayọ̀ tiyín.

Èmi ni ìyá tó bí bàbá Ìyanuolúwa. Àwọn òbí ọmọ ní kí n kí yín káàbọ̀, kí n sì wúre fún ọmọ. Wọ́n ní kí n má pẹ́. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ fún mi láyè díẹ̀, nítorí ọpẹ́ tí mo fẹ́ dú yìí pọ̀.

Ọ̀pọ̀ yín ló mọ̀ pé ọmọ oṣù méje ni Ìyanu. Ọ̀sẹ̀ 31 ló lò nínú ìyá rẹ̀ dípò ọ̀sẹ̀ 40. Nígbà tí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, kílò 1.4 ni. Iṣu kan tí ẹ ó rà ní Kútọ̀ wúwo jù ú lọ. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ọwọ́ mi ti gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, mo sì ti rí èyí tó lọ àti èyí tó dúró. Ìmọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n lè sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ tí kò pé oṣù kò ní ọ̀rá lára, òtútù ní ń kọ́kọ́ bá a jà. Kò tíì mọ bí a ti ń fa ọmú kó sì gbé e mì. Nígbà mìíràn á gbàgbé láti mí, àfi kí ẹnìkan rọra fọwọ́ kàn án lẹ́sẹ̀ kó tó rántí.

Ẹ wo ọmọkùnrin mi tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèkì yẹn. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí ìyàwó rẹ̀, kò sì lè dìde ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí dókítà ní ara ọmọ ti balẹ̀ tó láti kúrò nínú àpótí gíláàsì fún wákàtí díẹ̀, bàbá ọmọ ló bọ́ bùbá rẹ̀. A gbé ọmọ sí i láyà, ìhòòhò sí ìhòòhò, fìlà lórí, aṣọ ìdí nídìí, a fi ọ̀já dì wọ́n pọ̀. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ láti alẹ́ títí ilẹ̀ fi ń mọ́, kò yíra padà. Àwọn dókítà ní ìlú Bògótà, ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, ló bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú yìí ní ọdún 1978, nígbà tí àpótí amúọmọgbóná kò tó. Inú mi máa ń dùn sí i, nítorí àwa tí a ti ń pọn ọmọ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa pé ara ènìyàn lọ́oru. Ara bàbá ni ọmọ yìí fi gbóná títí ìyá rẹ̀ fi le.

Àti ìyá rẹ̀ náà. Ìyàwó mi, dìde díẹ̀ kí wọ́n rí ọ. Lójú oorun, lójú ìrora, ó ń fún omi ọmú sínú ife ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n sì ń fi ọ̀pá róbà tín-ín-rín gba imú ọmọ fún un ní ìwọ̀nba tí kò kún ṣíbí. Nígbà tí ọmọ mọ ọmú fà tán, ọmú nìkan ló jẹ títí ó fi pé oṣù mẹ́fà. Ẹ bá mi kí i. Ẹ̀yin àna wa láti Iléṣà, ẹ kọ́ ọmọ, ẹ ṣeun, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ jẹ èrè rẹ̀ pẹ́.

Ojú méjì ní ń bímọ, igba ojú ní ń wò ó. Mo rí lára igba ojú yẹn níbí. Aládùúgbò tó gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré rẹ̀ wá fún wa lọ́sẹ̀ tí a gbé ọmọ dé, tó ní kí a má dá a padà títí ọmọ yóò fi kọjá kílò mẹ́ta, ó jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún, kò fẹ́ kí n dárúkọ òun. Àwọn ìyá Ìtòkú pín ara wọn lọ́jọọjọ́, ẹ̀kọ gbígbóná kò wọ́n ìyá ọlọ́mọ. Àwọn nọ́ọ̀sì alẹ́, àwọn ọmọ tí mo lè bí, dúró ti àpótí yẹn bí ẹni pé ọmọ tiwọn ló wà níbẹ̀. Méjì nínú wọn wá lónìí.

Obìnrin kan tún wà. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyàwó mi. Ọmọ tirẹ̀ kò bá a lọ sílé. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó yọ fìlà òwú tó ti hun sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, ó fi dé Ìyanu lórí, ó ní, “Kó bá a dé ilé.” Ó bá a dé ilé. Mi ò mọ̀ bóyá yóò gbọ́ ohun tí mo ń sọ yìí láé, ṣùgbọ́n níbikíbi tó bá wà, mo bẹ Ọlọ́run kó fún un ní ọmọ tí yóò jókòó tì í, tí yóò sì sin ín.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọdún kan kò tó ohun tí a ń pe èrò sí. Ìwádìí ìjọba lórí ìlera àwọn ará ìlú ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bí láàyè ní Nàìjíríà, 67 ni kì í pé ọdún kan. Àwọn àgbà wa kò ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ ọ́n. Ohun tó mú wọn sọ ọmọ ní Dúrójayé, Málọmọ́, Bánjókòó nìyẹn. Wọ́n ń bẹ ọmọ. Àwa náà bẹ ọmọ yìí, a bẹ Ẹlẹ́dàá rẹ̀, a sì gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ. Ó ti gba ti èéyi ní oṣù kẹsàn-án; ó ku èkejì rẹ̀ ní oṣù 15. Bàbá Ìyanu, mo ń sọ ọ́ lójú gbogbo ayé kí ẹ má baà gbàgbé.

Àwọn kan ti ń bi ìyá rẹ̀ pé kí ló dé tí kò tíì rìn. Ẹ má dá a lóhùn mọ́, ìyàwó mi, èmi ni n ó dá wọn lóhùn. Ọmọ tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ṣáájú àsìkò rẹ̀ dé, ẹ yọ ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án yẹn kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀. Bí ọmọ oṣù mẹ́wàá ni ẹ ṣe máa wò ó. Ó ń rá, ó ń di àga mú dìde, ó ń pe bàbá rẹ̀, ó sì mọ ohùn mi láti ẹnu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bọ̀.

Ó ku ohun kan tí a jẹ ọmọ yìí. Lọ́jọ́ kẹjọ tó yẹ kí a kó èrò jọ sọ ọ́ lórúkọ, ó wà nínú àpótí. Ẹ̀bá ibẹ̀ ni a ti pè é ní Ìyanuolúwa, tí mo sì kì í ní Àṣàkẹ́. A kò fi ohunkóhun kàn án lẹ́nu. Oyin gan-an, mo ní rárá, nítorí a kì í fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin. Kòkòrò àìsàn kan lè wà nínú rẹ̀ tí ìfun ọmọ ọwọ́ kò lágbára rẹ̀. Àwọn àgbà bínú sí mi díẹ̀ nígbà náà. Lónìí, ọmọ ti pé ọdún kan. Ẹ gbé àwo yẹn wá. Ẹ gbé ọmọ fún mi.

Ìyanuolúwa, Àṣàkẹ́, omi rèé. Omi kì í ní ọ̀tá. O ò ní rí ọ̀tá, ayé ò ní rí ọ bá jà. Gbogbo ibi tí o bá dé ni wọn yóò ti máa wá ọ bí wọ́n ti ń wá omi.

Orógbó rèé. Eyín rẹ kò tíì ká a, bàbá àgbà láti Iléṣà yóò bá ọ jẹ ẹ́. Orógbó ní í gbó ni sáyé. O ó gbó, o ó tọ́. O ó dàgbà, o ó dògbó, orí rẹ yóò funfun báláú. Ikú ọmọdé kò ní mọ ọ́, àrùn kò ní mọ ilé rẹ.

Oyin rèé, èyí tí o ti ń dúró dè. Díẹ̀ báyìí ni n ó fi kàn ọ́ létè. Ẹni tó bá lá oyin kì í tu ú dànù. Ayé kò ní tu ọ́ dànù. Ayé rẹ yóò dùn.

Ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì yóò gbé ọ gòkè Olúmọ, yóò sì gbé ọ lọ sí agbo ilé ìyá rẹ ní Iléṣà. O ó kàwé, yóò yé ọ. Ọwọ́ rẹ yóò ríṣẹ́ ṣe, iṣẹ́ náà yóò mówó wá. Ìwọ ni yóò sin bàbá rẹ, ìwọ ni yóò sin ìyá rẹ. Wọn kò ní fi ojú wọn sunkún rẹ. Gbogbo ẹni tó ń wojú Olúwa fún ọmọ níbí, kí a tó ṣe ọdún kejì ọmọ yìí, a ó ti wá jẹ ìrẹsì nílé tiwọn. Ẹ ṣe àmín tó le.

Ẹ ṣeun. Ẹ ò ní fi irú owó tí ẹ bá wa ná yìí ra oògùn. Ìrẹsì ti délẹ̀, mọ́ínmọ́ín wà, ẹ̀yin àgbà tó bá fẹ́ ọ̀fadà, ewé ni a fi dì í, ẹ bi àwọn tó wọ àǹkárá búlúù. Bàbá Ìyanu, tan abẹ́là. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ dìde, ẹ wá yí tábìlì ká, ẹ má ti ara yín. Alága, ẹ gba gbohùngbohùn yín, kí wọ́n gé kéèkì.