Ìlànà iṣẹ́ fún àtúnyẹ̀wò aláwòká: àgbo tí aláboyún ń lò ní Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà

Ìbéèrè wa
Kí ni àwọn olùwádìí ti kọ nípa àgbo tí aláboyún ń lò ní ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì, kí sì ni wọ́n kà sí àgbo?

Ìdí tí a kò fi ṣe àtúnyẹ̀wò elétò
Ìbéèrè tóóró ni àtúnyẹ̀wò elétò wà fún: ṣé oògùn yìí dára ju ìyẹn lọ, ṣé ó ń pani lára? Ó sábà máa ń fẹ́ kí àwọn ìwádìí wọn ohun kan náà, kí a lè da èsì wọn pọ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀: àtúnyẹ̀wò aláwòká ló bá a mu, èyí tó ń wo gbogbo ohun tí a ti kọ lórí ọ̀rọ̀ kan àti bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Nínú àwọn tí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, orúkọ kan náà ni wọ́n fi ń pe ata ilẹ̀ tí obìnrin sè mu nítorí èébì, omi ewúro tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún, àti àgbo inú ìgò tó rà lọ́wọ́ ẹlẹ́wé ọmọ, èyí tí egbò àti èèpo inú rẹ̀ kò yé òun fúnra rẹ̀. Ẹnì kan bi obìnrin bóyá ó ti mu ún rí. Ẹlòmíràn bi í nípa oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan. Bí a bá ro ìdáhùn wọn pọ̀, a ò ní mọ ohun tí iye tó jáde ń sọ.

A ò yan àtúnyẹ̀wò aláwòká torí pé ó fúyẹ́. Ìwé tí a máa kà ló máa pọ̀ sí i. Àtúnyẹ̀wò yìí kò sì ní lè sọ bóyá àgbo léwu fún ọmọ inú. Ẹni tó bá fi í sọ bẹ́ẹ̀ ti ṣì í lò.

Bí a ó ṣe ṣe é
Ìlànà tí Arksey àti O'Malley gbé jáde ní 2005 la ó tẹ̀ lé, a ó sì fi PRISMA-ScR ti 2018 kọ ìròyìn rẹ̀. Inú àkójọ ìwé ìwádìí PubMed, Scopus àti AJOL la ó ti wá ìwé, láti 2000 sí 2025, pẹ̀lú ìwé àpilẹ̀kọ oyè tó wà ní ilé ìkàwé yunifásítì. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yorùbá la ó gbà. Ọ̀rọ̀ ìwákiri ní PubMed nìyí:

```
(pregnan* OR antenatal) AND (herb* OR agbo
OR "traditional medicine") AND Nigeria
```

Ẹni méjì yóò yẹ àkọlé àti ìsọníṣókí wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọn yóò kọ́kọ́ fi àádọ́ta dán ara wọn wò. Bí wọn ò bá fohùn ṣọ̀kan, ẹnì kẹta yóò dá sí i. Nínú fọ́ọ̀mù, yàtọ̀ sí ọdún àti ibi ìwádìí, a ó kọ ọ̀rọ̀ gan-an tí olùwádìí fi bi obìnrin náà, àti èdè tó fi bi í. Ibẹ̀ ni ọkàn wa wà jù.

A kò ní fi máàkì díwọ̀n bí ìwádìí kọ̀ọ̀kan ṣe dára tó. A ó gbé àtẹ èsì lọ bá àwọn agbẹ̀bí àti àwọn ìyá alágbo, kí wọ́n sọ èyí tí olùwádìí pè lórúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀.

PROSPERO, ibi tí a ti ń forúkọ ìlànà àtúnyẹ̀wò sílẹ̀, kì í gba irú àtúnyẹ̀wò yìí, nítorí náà orí OSF, ìkànnì tí olùwádìí ń fi ìlànà iṣẹ́ wọn sí, la ó fi ìlànà yìí sí kí ìwákiri tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta 2026. Bí ohunkóhun bá yí padà lẹ́yìn náà, a ó kọ ọjọ́ àti ìdí rẹ̀ sínú ìròyìn.