Ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán fún ọ̀sẹ̀ ìṣíde: Àrídunnú Onídìrí, Kubwa

Àìkú, 2 Oṣù Kọkànlá 2025, alẹ́. Sítétọ́ọ̀sì Wọ́tsáàpù
*Àwòrán: ilẹ̀kùn gíláàsì wa, ó ṣì wà ní títì.*

Ẹ má tíì tú irun yẹn o. Ẹ jẹ́ ká bá yín tú u.
Lọ́la, aago mẹ́jọ àárọ̀, Arab Road, Kubwa.

Ajé, àárọ̀. Fesibúùkù àti Ínsítágíráàmù, àwòrán márùn-ún

Ilẹ̀kùn ti ṣí!

Ẹ̀yin ará Kubwa, Dutse, Bwari àti Gwarinpa, ẹ kú ojú lọ́nà. Àrídunnú Onídìrí ti dé. Arab Road la wà, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òkè ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Bí ẹ bá ti ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ ti dé ìsàlẹ̀ wa nìyẹn. Ẹ máa gòkè bọ̀.

A mọ ohun tí ojú yín ti rí. Wọ́n ní kí ẹ wá láago mẹ́sàn-án, ẹ débẹ̀, ẹni mẹ́rin ló ti jókòó ṣáájú yín. Wọ́n pe iye kan lórí fóònù, irun dé ìdajì, owó ti di méjì. Wọ́n wá fa iwájú orí yín títí ẹ ò fi lè rẹ́rìn-ín, ẹ délé, ẹ lo oògùn orí fífọ́ kí ẹ tó sùn. Àwa náà ti jókòó sórí irú àga bẹ́ẹ̀ rí. Ìdí tí a fi ṣí tiwa nìyẹn.

Níbí, owó ti wà lára ògiri kí ẹ tó jókòó. Bí a bá dá aago fún yín, àga yín á ti ṣófo. Bó bá ń dùn yín, ẹ sọ ọ́ jáde: a óò tú u, a óò tún un dì, a ò sì ní gba kọ́bọ̀ kún un.

Láti òní títí di Ọjọ́rú, ọ̀fẹ́ ni irun fífọ̀ fún gbogbo ẹni tó bá wá dirí. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ síbí kí ẹ tó máa bọ̀.

#AridunnuOnidiri #KubwaAbuja

Ajé, ọ̀sán. Ìdìbò

Ẹ gbà wá o! Àwọn ọmọ iṣẹ́ wa méjì ò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Ọ̀kan ní ṣùkú ló yẹ ẹni tó fẹ́ wé gèlè lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Èkejì ní irọ́ ni, pátẹ́wọ́ ni.

Ṣùkú 🔘  Pátẹ́wọ́ 🔘

Ẹni tó bá fìdí rẹmi á ra mínírà fún gbogbo ilé.

Ìṣẹ́gun, àárọ̀. Fídíò kékeré, ìṣẹ́jú kan
*Kí kámẹ́rà sún mọ́ orí dáadáa. Ẹ má fi ojú oníbàárà hàn. Àwọn ọ̀rọ̀ yìí ni kó máa jáde lójú fídíò, ọ̀kọ̀ọ̀kan.*

Àná la ti rẹ àtàṣímẹ́ǹtì yìí sínú omi àti fínígà.
Ẹ wo nǹkan funfun tó ń léfòó lójú omi yẹn. Òun ló máa ń jẹ́ kí orí yún yín.
A fi ẹnu òòyà là á. Ìlà kan, ó tọ́.
Irun tiyín la kọ́kọ́ mú. Àtàṣímẹ́ǹtì ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Kò sí kókó ní ìdí.
Ẹ gbọ́ o: “Àǹtí, ṣé ó dùn yín?” “Rárá, mo tiẹ̀ ti ń tòògbé.”
A ki ẹnu irun bọ omi gbígbóná. Tówẹ̀lì méjì wà léjìká. Omi ò kan ara.
Ó parí.

*Ọ̀rọ̀ abẹ́ fídíò:* Ẹ̀rín tí ẹ gbọ́ níparí fídíò yẹn, a ò sanwó fún un o. Ta ni ẹ fẹ́ fi fídíò yìí han? Ẹ pe orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀.

Ìṣẹ́gun, alẹ́. Àwòrán pátákó owó

Ẹ ti bèèrè títí. Ó dáa, òun rèé:

Dídì lásán, láìsí àtàṣímẹ́ǹtì: ₦3,500
Ṣùkú tàbí kọ̀lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú àtàṣímẹ́ǹtì: ₦6,000
Nọ́tílẹ́ẹ̀sì, alábọ́dé: ₦18,000
Nọ́tílẹ́ẹ̀sì, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: ₦25,000
Irun òwú: ₦4,000
Rílásà: ₦7,000
Fífọ̀ àti gbígbẹ: ₦4,000
Ọmọdé tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá: ₦2,000

Àtàṣímẹ́ǹtì wà nínú owó ṣùkú àti kọ̀lẹ́sẹ̀. Ti nọ́tílẹ́ẹ̀sì, ẹ lè gbé tiyín wá, ẹ sì lè rà á lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá ní “ẹ gbà á ní ẹgbẹ̀rún méjì, ẹ̀gbọ́n yín ni mí”, ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú ilé, àmọ́ iye tó wà lára ògiri náà ni.

Èsì ìdìbò àná: ṣùkú ló wọlé. Mínírà náà tutù dáadáa.

Ọjọ́rú. Fesibúùkù, ọ̀rọ̀ gígùn, àwòrán igbá òrí kan ṣoṣo

Ọyẹ́ ń bọ̀. Ẹni tó bá ti lo ọdún kan ní Àbújá mọ̀ ọ́n: ètè á kọ́kọ́ là, gìgísẹ̀ á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà irun á bẹ̀rẹ̀ sí í já sórí ìrọ̀rí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe ni pé a ó bu òrí sórí irun gbígbẹ, a ó fi ra á. Irun á máa dán, àmọ́ ó ṣì gbẹ nínú. Òrí kì í fún irun lómi. Omi tó bá ti wà níbẹ̀ ló ń dè mọ́lé. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi omi rin irun, kí ó tutù díẹ̀, kí ẹ tó wá fi òrí tẹ̀ lé e. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yọ́ ọ kí ó tó kan orí. Èyí tí a ń lò wá láti Ìpínlẹ̀ Niger, a kì í sì í fi òórùn kankan sí i. Ó ń rùn bí òrí, òrí náà sì ni.

Lálẹ́, ẹ fi síkáàfù sátíìnì wé e. Aṣọ òwú máa ń fa omi ara irun mu.

Ọ̀rọ̀ iwájú orí wá kù, èyí sì ká wa lára ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá dirí tán tí eéwo wẹ́wẹ́ sú yọ lẹ́bàá iwájú orí, tí ẹ ò lè fi orí lélẹ̀ sùn, ẹ má ṣe sọ pé “ó máa rọ̀ tó bá di ọ̀la.” Dídì náà ti le jù. Bí irun bá ń jìyà fífà bẹ́ẹ̀ lọ́dún dé ọdún, ìdí rẹ̀ lè kú pátápátá, kó má sì hù mọ́. Ẹ wo iwájú orí àwọn àǹtí kan tó ti ń fi gèlè bò ó. Ẹ tú u lọ́jọ́ náà gan-an, ìbáà jẹ́ àwa la dì í.

Bákan náà ni rílásà. Wọ́n ti fi kọ́ wa láti kékeré pé kó jó wa díẹ̀ kó tó lè nà. Irọ́ gbáà ni. Bó bá ti ń ta yín, ẹ pariwo, ká ṣan án kúrò. Ẹ má họ orí lọ́jọ́ méjì mẹ́ta ṣáájú, ẹ sì jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kí ẹ tó tún un ṣe, orí ìdí irun tuntun nìkan sì ni. Bí orí yín bá ní egbò lónìí, a ò ní ṣe é, kódà bí ẹ bá kówó sílẹ̀.

Ọ̀fẹ́ irun fífọ̀ parí lálẹ́ òní o.

Ọjọ́bọ̀. Irun àtijọ́ àti ti òde òní, àwòrán kan
*Fọ́tò wa nìkan ni ká lò: irun òwú tí a ṣe lánàá, láti ẹ̀yìn.*

Lọ́dún 1968, ayàwòrán J.D. ’Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin ilẹ̀ wa. Ẹ̀yìn orí ló yà jù, ní dúdú àti funfun, bí ẹni pé orí náà ló wá síbi fọ́tò. Onílé gogoro wà nínú wọn, èyí tó yà lọ́dún 1975: irun òwú tó dìde dúró gangan. Ó kú lọ́dún 2014, àwọn fọ́tò náà sì ń rìn káàkiri ayé títí di òní.

Oníbàárà wa àná ní kí a ṣe irú èyí tí màmá òun máa ń ṣe. A fi òwú dúdú yí i láti ìdí dé ṣóńṣó, a sì tẹ̀ ẹ́ pọ̀ láàárín. Kò sí rílásà, kò sí iná gbígbóná, irun sì nà.

Ẹ̀yin màmá tó wà níbí, kí lẹ ń pè é nílùú yín?

Ẹtì. Ínsítágíráàmù, àwòrán àga kan àti kọ́tíìnì

Fún ẹ̀yin tó ń lo hìjáàbù: yàrá kan wà nínú lọ́hùn-ún, ó ní ilẹ̀kùn, ó ní kọ́tíìnì, obìnrin nìkan ló ń wọ ibẹ̀. A kì í ya fídíò níbẹ̀. Ẹ kàn sọ ọ́ nígbà tí ẹ bá ń gba àyè.

A óò dúró díẹ̀ fún Jímọ̀ láàárín aago kan sí méjì ààbọ̀.

Ẹtì, alẹ́. Tíkítọ́ọ̀kì, ẹ̀rín
*Fídíò: ẹni tó ń sáré gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú gèlè nínú ọ̀rá.*

Ìwọ tó mọ̀ láti oṣù mẹ́ta pé ọ̀la ni òde àríyá, tó wá ń pè wá láago mẹ́sàn-án alẹ́: “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àyè ṣì wà?”

Gèlè ò dùn bíi ká mọ̀ ọ́n wé, ká mọ̀ ọ́n wé ò dà bíi kó yẹni. Àwa fi tiwa kún un: kó yẹni, ẹni náà ló gbọ́dọ̀ tètè wá dirí.

(Àyè ṣì wà fún ẹni méjì, láago mẹ́fà ìdájí. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.)

Àbámẹ́ta. Sítétọ́ọ̀sì Wọ́tsáàpù, bí ọjọ́ ṣe ń lọ

6:10 àárọ̀. Àwọn méjì yẹn ti dé. Ọ̀kan ṣì ń sùn lórí àga.

10:30. Wọ́n mú iná lọ. Sólà gbà á. Ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun ò dáwọ́ dúró.

1:00. Àyè ti kún títí di aago márùn-ún. Ẹ má wulẹ̀ wọkọ̀ wá láìjẹ́ pé a ti dá yín lóhùn. A ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá jókòó de ẹlòmíràn níbí.

5:40. Ìyá ìyàwó, ìyàwó àti àbúrò ìyàwó. Ṣùkú mẹ́ta, èyí ò jọ ìyẹn. 😍

Àìkú, ìrọ̀lẹ́. Fesibúùkù, fọ́tò àwọn ọmọ iṣẹ́

A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Kaduna wọ rélùwéè wá, tẹ́ ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Kubwa torí irun, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀yin àgùnbánirọ̀ láti kám̀pù náà, irun yín á pẹ́ o.

Àǹtí tó kọ ọ́ sí abẹ́ fídíò pé a lọ́ra: òótọ́ ni, nọ́tílẹ́ẹ̀sì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ gba wákàtí méje. Ẹni mẹ́ta la ó fi máa ṣe é láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ajé la máa ń sinmi láti ìsinsìnyí lọ. Ìṣẹ́gun sí Àbámẹ́ta, aago mẹ́jọ àárọ̀ sí méje alẹ́; Àìkú, aago kan sí mẹ́fà.

Èsì tí ká lẹ̀ mọ́ òkè, fún àwọn ìbéèrè tó ń padà wá

Bẹ́ẹ̀ ni, a ń ṣe irun ọmọ dàdá, a kì í sì í gé e. Rárá, a kì í wá sílé, àfi fún ìyàwó tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ yín lè dúró dè yín. Àga wà nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ aránṣọ, ẹni tó ń se núdù sì wà ní òdìkejì ọ̀nà.