Lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ íńṣọ́ránsì: ẹ kọ kíléèmù gàrí mi, n ò gbà

Ẹ̀yìn ọjà Òkè-Ajé,
Ìjẹ̀bú-Òde.
18 Oṣù Kẹsàn-án, 2024

Sí ọ̀gá mánijà, ẹ̀ka kíléèmù

Pólísì iná àti ewu mìíràn, nọ́ńbà FSP/IJB/0417/23. Kíléèmù nọ́ńbà CLM/24/0632.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà yín ti 9 Oṣù Kẹsàn-án tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo kà á, mo sì tún ní kí àbúrò mi tó jẹ́ lọ́yà bá mi kà á, torí mo rò pé bóyá ojú mi ni. Ẹ ní ẹ ò ní san owó gàrí àti òrùlé sítọ́ọ̀ mi tí ìjì bàjẹ́ ní 15 Oṣù Kẹfà. Ìdí mẹ́ta lẹ kọ, ẹ wá fi ọ̀rọ̀ igi máńgòrò kan tì í nísàlẹ̀. N ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú ẹ̀, pólísì tẹ́ ẹ fúnra yín tẹ̀ fún mi ni mo sì máa fi dá yín lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí kò sí ìjà lórí ẹ̀. Mo san owó pólísì yẹn pé ní 27 Oṣù Kẹwàá 2023, rìsíìtì yín wà lọ́wọ́ mi, ààbò sì bẹ̀rẹ̀ ní 1 Oṣù Kọkànlá 2023 títí di 31 Oṣù Kẹwàá 2024, nítorí náà abala 50 nínú Òfin Íńṣọ́ránsì 2003 tó ní kò sí ààbò tí wọn ò bá tíì gba owó, kò kàn mí. Abala 2 pólísì náà sọ pé ìjì wà lára ewu tẹ́ ẹ gbà. Abala 3(d) ní òjò tó bá wọlé, ẹ ò ní sanwó ẹ̀ àfi tó bá gba ojú ihò tí ìjì fúnra ẹ̀ ṣí sílé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi gan-an nìyẹn.

Ìdí yín kìíní ni pé mo pẹ́ kí n tó sọ fún yín. Ẹ ní abala 9(a) fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta, ẹ wá ka 16, 17, 18, 19, ẹ ní mo ti di ẹlẹ́kẹrin. Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ padà lọ ka abala 9(a) dáadáa: ọjọ́ IṢẸ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni 15, ìrọ̀lẹ́ ni ìjì náà jà, nǹkan bí aago méje ku ogún. 16 jẹ́ Sọ́ńdè, ọjọ́ náà sì ni Iléyá. 17 àti 18, ìjọba àpapọ̀ kéde ẹ̀ ní họ́lídè. 18 yẹn sì tún ni Ojúde Ọba, ta ni kò mọ̀ ní Ìjẹ̀bú pé kò sẹ́ni tó ń ṣí ọ́fíìsì lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀ka yín tó wà níbí gan-an ti géètì pa, àwọn òṣìṣẹ́ yín náà á ti wà lórí pápá pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn. Wẹ́sìdè 19 ni ọjọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìjì, àárọ̀ ọjọ́ náà ni mo gbé lẹ́tà lọ, sítáńpù yín wà lórí ẹ̀dà tèmi. Ìyẹn nìkan kọ́, aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú méjìlá lálẹ́ ọjọ́ tí ìjì jà gan-an ni mo ti fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ẹ̀jẹ́ńtì yín lórí Wáàsáàpù, ó sì fèsì pé "Hẹ̀n, ẹ pẹ̀lẹ́ mà, mo máa fi tó ọ́fíìsì létí." Mo ti tẹ gbogbo ẹ̀ jáde, nọ́ńbà ẹ̀ àti àsìkò wà níbẹ̀.

Ìkejì ló bí mi nínú jù. Ẹ ní mo rú abala 14, pé ọjà gbọ́dọ̀ ga kúrò nílẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15, pé fọ́tò tí àjọ́sítà yín, ẹni tẹ́ ẹ rán wá wo ohun tó bàjẹ́, yà ní 27 Oṣù Kẹfà fi hàn pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni àwọn àpò náà wà. Ọ̀gá, báwo ni wọn ò ṣe ní wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀? Òun fúnra ẹ̀ ló ní ká tú wọn sílẹ̀ kóun lè kà wọ́n! Àwọn ọmọ alábàárù méjì tó tú u wà níbẹ̀, mo ti ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí, wọ́n fọwọ́ sí i. Fọ́tò tí èmi yà lálẹ́ ọjọ́ ìjì, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ wò ó, páálẹ́ẹ̀tì pákó wà lábẹ́ gbogbo ẹ̀, mo sì ti fi rúlà wọn páálẹ́ẹ̀tì náà, sẹ̀ǹtímítà 16 ni.

Ká tiẹ̀ ní kò sí páálẹ́ẹ̀tì rárá. Ẹ ka abala 14 náà tán, ó ní torí kí omi tó bá gba ilẹ̀ wọlé má bàa kan ọjà ni. Àgbàrá ni wọ́n ń sọ. Omi tèmi wá látòkè! Àpò 118 ló wà nínú sítọ́ọ̀ lọ́jọ́ náà, 96 ló bàjẹ́, 22 ni a rí mú jáde ní gbígbẹ. Níbo ni 22 yẹn wà? Ìsàlẹ̀ pátápátá, ní kọ̀rọ̀ tí páànù ṣì bò díẹ̀. Àwọn tó wà lókè téńté ló rin gbingbin. Ojú ìwé kẹrin nínú ìròyìn àjọ́sítà yín ló kọ ọ́ sí fúnra ẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ẹni tó kọ lẹ́tà yín dé ojú ìwé kẹrin. Abala 55 nínú Òfin Íńṣọ́ránsì 2003 sì sọ ọ́ ketekete pé tí ẹnì kan bá tiẹ̀ rú àdéhùn inú pólísì, ilé íńṣọ́ránsì ò lè fi ṣe àwíjàre àyàfi tí àdéhùn náà bá ṣe pàtàkì tó sì kan ewu tàbí àdánù tí wọ́n gbà lé lórí. Gíga ọjà kúrò nílẹ̀ ò kan omi tó já bọ́ látòkè.

Ìdí kẹta, ẹ ní òrùlé mi ti gbó, ẹ fa abala 5(c) yọ tó sọ̀rọ̀ nípa nǹkan tó gbó fúnra ẹ̀. Òrùlé tí mo pààrọ̀ ní Oṣù Kẹta 2022! Rìsíìtì páànù àti ti káfíńtà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ìbéèrè kọkànlá nínú fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ fún mi bèèrè ọdún òrùlé, mo kọ 2022 síbẹ̀. Kí ẹ tó gba owó mi, ẹ rán ẹni tó wá wo ilé ní Oṣù Kẹwàá 2023, ó gun àkàbà, ó wo òkè, ó kọ pé òrùlé dára, ẹ̀dà ìwé ẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Ṣé láàárín oṣù mẹ́jọ ló wá gbó? Páànù tó gbó, ojú ìṣó ló máa ń ti ya, á ṣí lọ, igi á kù. Tèmi, páànù gbé igi dání lọ ni, igi náà ṣẹ́ ní àárín, funfun ni ojú ibi tó ti ṣẹ́, kò sí ikán, kò sí jíjẹrà, káfíńtà ti kọ ọ́ sílẹ̀ ó sì ya fọ́tò ẹ̀. Lọ́jọ́ náà lójú títì wa yẹn, òpó iná wó, ilé ẹ̀kọ́ tó wà níwájú pàdánù òrùlé kíláàsì méjì, ilé alágbo náà lọ. Àbí gbogbo àdúgbò ló gbó pọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo?

Ti igi máńgòrò, ẹ ní n ò sọ fún yín pé igi ńlá wà lẹ́yìn sítọ́ọ̀. Ẹ ò bèèrè. Kò sí ìbéèrè kankan nípa igi nínú fọ́ọ̀mù náà látòkè délẹ̀, abala 54 òfin kan náà sì ní ohun tí ilé íńṣọ́ránsì ò bá dìídì bèèrè nínú fọ́ọ̀mù, a ò ní kà á sí pàtàkì. Igi ọ̀hún ò sì wó o. Ó ṣì wà ní ìdúró bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, ó tiẹ̀ so.

Nínú ìròyìn àjọ́sítà, mo tún rí i tó ní mo lè sá gàrí náà sóòrùn kí n tún un tà, kí wọ́n yọ ìdajì kúrò nínú owó. Ó jọ pé ọ̀gbẹ́ni yẹn kì í ṣe ará ibí. Gàrí Ìjẹ̀bú, ẹ̀gẹ́ tó ti kan fún ọjọ́ bíi mélòó kan, tí wọ́n yan tó gbẹ kankan, gbígbẹ yẹn àti kíkan yẹn ni oníbàárà ń sanwó fún. Tí omi bá ti kàn án, ó ti wú nìyẹn, ó dì, láàárín ọjọ́ méjì ó ti hu. Kò sẹ́ni tó ń fomi sí gàrí tó ní òun fẹ́ padà sá a. Àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ló bá mi ra èyí tó ṣeé rà níbẹ̀, ₦180,000 ni, mo ti yọ ọ́ fúnra mi láìjẹ́ pé ẹ bèèrè.

Owó náà rèé: àpò 96, ₦46,000 lápò kan gẹ́gẹ́ bí rìsíìtì tí mo fi rà á láàárín Oṣù Karùn-ún àti Oṣù Kẹfà, ó jẹ́ ₦4,416,000. Yọ ₦180,000 ti ẹlẹ́dẹ̀ kúrò. Òrùlé, páànù àti igi àti owó iṣẹ́, ₦615,000. Gbogbo ẹ̀ di ₦4,851,000. Abala 7 ní kí èmi gbé ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ₦242,550, mo gbà. Ó ku ₦4,608,450 tẹ́ ẹ máa san. Kẹ́nikẹ́ni má sì wá sọ pé iye ọjà mi ju iye tí mo fi ṣe íńṣọ́ránsì lọ kí ẹ lè pín owó náà wẹ́wẹ́: àpò 118 yẹn lápapọ̀, ₦5,428,000 ni, ₦6,000,000 ni mo kọ sínú pólísì fún ọjà. Ìwé tí mo fi ń kọ ọjà wọlé, ẹ̀rí tírańsífà báǹkì sí àwọn tó ń ta gàrí fún mi, gbogbo ẹ̀ ni mo tún ti so mọ́ ọn.

Ohun tí mo fẹ́ kò ju kí ẹ yí ìpinnu yín padà kí ẹ sì san ₦4,608,450 náà sí àkáǹtì tó wà lórí fọ́ọ̀mù kíléèmù mi. Tí ẹ ò bá ní san án, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi, kí ẹ sọ abala pólísì tẹ́ ẹ dì mú àti ẹ̀rí tẹ́ ẹ ní, kì í ṣe kí ẹ ní "lẹ́yìn àyẹ̀wò fínnífínní". Kí ẹ sì fi ìròyìn àjọ́sítà ránṣẹ́ sí mi ní kíkún, torí ẹ̀dà tí ẹ fún mi, ojú ìwé méjì ò sí níbẹ̀. Mo ń retí èsì yín di Fráìdè 4 Oṣù Kẹwàá 2024. Tó bá kọjá ọjọ́ yẹn, lẹ́tà yìí pẹ̀lú gbogbo ìwé tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ àjọ NAICOM tó ń mójú tó ẹ̀yin ilé íńṣọ́ránsì, l'Ábújá, lọ́yà mi á sì máa bá yín sọ̀rọ̀ látìgbà yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ rán ẹlòmíì wá wo nǹkan, kó wá lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, kó sì pè mí ṣáájú. Mo ṣì tọ́jú igi tó ṣẹ́ náà àti páànù tó ká kò, wọ́n wà lẹ́yìn sítọ́ọ̀.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì onígàrí
(orúkọ mi ní kíkún àti nọ́ńbà fóònù mi wà lórí pólísì)