Sí Bọ́lá, lórí oògùn oorun àti ohun mímu amúnilágbára

Bọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

Mo rí agolo ohun mímu amúnilágbára méjì àti páálí oògùn oorun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ láàárọ̀ yìí, àyà mi sì já. Kaféènì inú agolo yẹn kì í pa agbára oògùn oorun rẹ́. Ńṣe ló ń bò ó mọ́lẹ̀, tí wàá fi rò pé oògùn náà kò ṣiṣẹ́, tí wàá sì tún lo òmíràn lé e. Bí kaféènì bá wá ń lọ tán, oògùn tó ti kó jọ lè dá ọ dùbúlẹ̀, kí èémí rẹ sì falẹ̀. Ọwọ́ rẹ tó ń gbọ̀n lánàá, débi pé bírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ, mi ò gbà pé ẹ̀rù ìdánwò lásán ni. Èyí tó dùn mí jù ni pé irú oògùn bíi dayásípáàmù máa ń dí ìrántí lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kí o lè rántí ìwé lo ṣe ń ṣàìsùn. Jọ̀wọ́, fi agolo náà sílẹ̀ lálẹ́ òní. Níwọ̀n bí o ti ń lo oògùn yẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, má ṣe dá a dúró lójijì fúnra rẹ. Ní aago 8 àárọ̀ ọ̀la, màá tẹ̀lé ọ lọ bá dókítà inú ọgbà.