Ọdún márùn-ún pé lónìí, èènì ti padà dé

Ẹ wo kóńgò inú fọ́tò yìí dáadáa. Etí rẹ̀ ti ṣán lápá kan, ọ̀dà pupa tí mo fi kọ “ÌYÁ TÓBI” sí i lára ti ń ṣí, bí mo bá sì gbé e sílẹ̀, ó máa ń mì tìtì kó tó dúró. Bódìjà ni mo ti rà á. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 oṣù Òkúdù ọdún 2020, òun ni mo fi wọn èlùbọ́ fún ẹni àkọ́kọ́ tó ra ọjà lọ́wọ́ mi lẹ́yìnkùlé wa ní Òjóò. Òní ni ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù Òkúdù 2025. Ọdún márùn-ún géérégé.

Ẹ̀yin oníbàárà mi, ẹ ṣeun. Ẹ kú owó, ẹ kú ẹsẹ̀, ẹ kú àfaradà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ mọ ìtàn náà, ẹ fojú fò ó. Tíṣà ni mí nígbà yẹn. Wọ́n ti ilé-ìwé pa lóṣù Ẹrẹ̀nà nítorí àrùn Kòrónà, owó oṣù dáwọ́ dúró, àbúrò ìyá mi tó wà ní Ṣakí sì fi àpò gbòdo kan ránṣẹ́ pé káwọn ọmọ má bàa sùn lébi. A jẹ, a ò jẹ ẹ́ tán. Mo gbé ìyókù lọ sẹ́nu ẹ̀rọ, mo kù ú, mo ya fọ́tò rẹ̀ sórí Wasáàpù. Àwọn òbí ọmọ kíláàsì mi ló kọ́kọ́ rà. Mo rò pé àánú ni wọ́n fi rà á. Ìgbà tí Ìyá Dámilọ́lá pè lọ́sẹ̀ kejì pé kí n gbé kóńgò mẹ́rin wá ni mo mọ̀ pé àmàlà náà ló pè wọ́n.

Mo fẹ́ sọ ohun kan tí mi ò sọ rí.

Láti ọdún 2020 títí di ìdajì ọdún 2023, kò sẹ́ni tó ra èlùbọ́ lọ́wọ́ mi tí kò gba èènì. Mo máa wọ̀n ọ́n kó yọrí, lẹ́yìn náà ni màá tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí: ẹ ó máa wo ọwọ́ mi, èmi ó máa ṣe bíi pé mo ti parí, ẹ ó ní “Ìyá Tóbi, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni?”, màá rẹ́rìn-ín, màá fi kún un. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́jà nìyẹn kí wọ́n tó bí ìyá mi.

Ìjọba wá yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Ẹ̀bìbí 2023. Lítà bẹntiróò tí kò tó 200 náírà ti kọjá 480 kóṣù náà tó parí, nígbà tó fi máa di ìdajì oṣù Agẹmọ, ó ti di 617. Awakọ̀ tó ń bá mi kó gbòdo láti Ṣakí ò bá mi ṣe àlàyé gígùn. Ó kàn dárúkọ owó tuntun, ó wojú mi, ó ní “Ìyá, ṣé kí n já a sílẹ̀ tàbí kí n gbé e padà?”

Mo ní kó já a. Àtọjọ́ náà ni mo ti ń fi ọwọ́ gẹ orí kóńgò. Mi ò kéde fún ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ti wọ̀n ọ́n tán, màá tètè so ẹnu ọ̀rá, màá sì bi yín léèrè àwọn ọmọ, kẹ́ ẹ má bàa rántí èènì. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń tẹ ìdí kóńgò wọnú kó má bàa gba ọjà púpọ̀. Mi ò lè ṣe ìyẹn láéláé. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, ojú ń tì mí lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan tí mo bá ń fọwọ́ gẹ kóńgò yẹn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló béèrè, Màmá wa ti Mọ́níyà. Wọ́n gbé ọ̀rá wò lọ́wọ́, wọ́n ní “Ìyá Tóbi, èènì dà?” Mo ní “Màmá, ó wà nínú táńkì ọkọ̀ Ṣakí.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n sanwó. Wọ́n sì tún padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, láìbéèrè mọ́. Àìbéèrè yẹn dùn mí ju ìbéèrè lọ.

Kì í ṣe ìyẹn nìkan lẹ fara dà. Ẹ rántí oṣù Èrèlé ọdún yẹn kan náà, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó, tówó wà ní báńkì tí kò sí lọ́wọ́, tí owó téèyàn fi ránṣẹ́ láàárọ̀ ò ní wọlé títí ilẹ̀ á fi ṣú? Mo ní kẹ́ ẹ máa gbé èlùbọ́ yín lọ, ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé kẹ́ ẹ san. Èèyàn mọ́kàndínlógún ló gbé ọjà lọ bẹ́ẹ̀, méjìdínlógún ló san, àwọn míì fi 200 náírà lé e pé ẹ kú sùúrù. (Ẹnì kan tó kù, ẹ̀yin náà lẹ́tọ̀ọ́ sí èènì tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ kọ́kọ́ wá san ti 2023 ná.)

Ẹ tún rántí gbòdo àsìkò òjò ọdún 2022. Ẹ̀bi tèmi ni. Mo mọ̀ pé gbòdo tó gbẹ, béèyàn bá ṣẹ́ ẹ, ó máa ń dún kọ̀ọ́ bí igi ìdáná, inú rẹ̀ á sì mọ́. Èyí tí mo rà lọ́jọ́ náà, nígbà tí mo ṣẹ́ ẹ, kò dún, ńṣe ló tẹ̀ kó tó kán. Oòrùn ò dénú ẹ̀. Mo fọkàn tán ẹni tó tà á fún mi, mo sì ní oníbàárà tó ń dúró, mo gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ. Èèyàn méje ló ro àmàlà rẹ̀ tó korò, tó ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká ní tútù. Mo pààrọ̀ fún àwọn méjèèje, àdánù náà ò sì kéré. Nínú àwọn méje yẹn, mẹ́fà ṣì ń ra ọjà lọ́wọ́ mi dòní. Látìgbà náà, kò sí àpò tí mi ò ní ṣẹ́ nínú ẹ̀ lókè, láàárín àti nísàlẹ̀ kí n tó sanwó, ìdí sì nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún yín láàárín oṣù Agẹmọ àti Ọ̀wẹ́wẹ̀ pé ọjà ò tíì dé. Kí ẹ dúró sàn ju kí ẹ jẹ ohun tó korò.

Ó dáa. Èènì.

Mo máa ń rí i báwọn ọlọ́jà ṣe ń dín owó fún oníbàárà tuntun, “ẹni tó bá kọ́kọ́ rà, owó rẹ̀ yàtọ̀.” Kí ẹni tó bá mi fara da ọdún 2023 máa san gbogbo owó, kálejò tó dé lánàá máa san ìdajì? Kò yé mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń padà wá ni mo fẹ́ ṣe é fún.

Bó ṣe máa lọ nìyí. Bẹ̀rẹ̀ láti òní, ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá ra èlùbọ́ kóńgò méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, màá fa ìlà kan sábẹ́ orúkọ yín nínú ìwé. Bí ìlà bá di márùn-ún, kóńgò gàrí Ìjẹ̀bú kan jẹ́ tiyín lọ́fẹ̀ẹ́, kóńgò tó yọrí o, mi ò ní fọwọ́ gẹ ẹ́. Gàrí náà kúná, ó kan lẹ́nu, kò nílò ju omi tútù àti ẹ̀pà lọ. Ẹni tí kì í mu gàrí lè gba ìdì irú wooro méjì dípò rẹ̀. Bí ẹ bá ti gbà á, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kìíní.

Ẹni tó bá ti ra ọjà lọ́wọ́ mi ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì kó tó di òní, ìlà méjì ti wà ńlẹ̀ fún yín. Ẹ kù mẹ́ta péré. Ẹni tó bá ra ìdajì àpò lẹ́ẹ̀kan náà, ìlà méjì ni màá fà.

Kò sí káàdì kankan tẹ́ ẹ máa sọ nù. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ fi ń pè mí ni mo fi ń wá orúkọ yín nínú ìwé. Bẹ́ ẹ bá ti pààrọ̀ nọ́ńbà, ẹ sọ fún mi, torí Ìyá Àyọ̀ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, mi ò fẹ́ fa ìlà Ìyá Àyọ̀ ti Aróọ̀jẹ fún ti Sáńgo.

Mi ò ní fi owó rọ́pò gàrí, ọjà àwìn ò sì ní ìlà àfi tẹ́ ẹ bá san án. Ẹ lè fi èènì yín ta ẹlòmíì lọ́rẹ, ẹ kàn sọ orúkọ ẹni tó ń bọ̀ wá gbà á. Títí di 31 oṣù Ọ̀pẹ́ 2025 la ó ṣe é. Bí kò bá já mi sí gbèsè, a ó máa bá a lọ.

Ẹ̀kúnwọ́ àtijọ́ náà ti padà, fún gbogbo ènìyàn, ẹni tuntun pẹ̀lú. Ẹ máa wo ọwọ́ mi.

Ilé ẹ̀rọ ni mo wà láàárọ̀ ọ̀la, nítorí náà ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìnkùlé kó dé lẹ́yìn aago méjìlá ọ̀sán. Wéèbílì Èkó ń lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, kẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ kó tó di aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Iye owó ọ̀sẹ̀ yìí wà lórí sítétọ́ọ̀sì mi. Èlùbọ́ funfun ti tán, ti iṣu wà dáadáa, gàrí náà ti dé láti àná, ó wà nínú àpò méjì lẹ́yìn mi nínú fọ́tò kejì.

Màmá Mọ́níyà, mo ti wọn tiyín sílẹ̀. Ẹ rán Káyọ̀dé wá, kó mú ọ̀rá tó nípọn dání.